Owó tó kù nínú àkáǹtì kọ́ ni èrè

"Ẹ jọ̀ọ́, irun àti èékánná ni mò ń ṣe, èmi nìkan ni mo ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tí mo bá ti gba ìwé ẹ̀rí, ṣé ó tán nìyẹn? Orí kí ni wọ́n sì ti ń yọ owó orí, ṣé gbogbo owó tí oníbàárà bá san ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù irun tèmi sílẹ̀ rèé, ọdún àkọ́kọ́ ló sì jẹ mí níyà jù. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí yín.

Kò tíì tán tí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé ẹ̀yin ni ẹ ń fi orúkọ báyìí ṣòwò. Kò sọ ṣọ́ọ̀bù di ẹlòmíì. Lójú òfin, olówò kan ṣoṣo àti òwò rẹ̀, ẹnì kan náà ni wọ́n. Gbèsè tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Èrè tó bá jẹ, tiyín ni, ẹ̀yin náà ni owó orí rẹ̀ máa wá bá nílé. Nítorí náà, lẹ́yìn ìwé orúkọ, ẹ máa lọ sí ọ́fíìsì owó orí láti gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àwọn elétò ìlera náà tún ní ìwé àṣẹ tiwọn fún ẹni tó ń fọwọ́ kan ara ènìyàn, pàápàá ẹni tó ń lo abẹ, abẹ́rẹ́ tàbí kẹ́míkà. Ọ̀kan kì í dípò èkejì.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ fara balẹ̀ níbi ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo san owó ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ síbẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ṣe irun fún ẹni àkọ́kọ́, torí omi kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù. Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, ọdún owó orí parí. Ọ́fíìsì ń retí ìwé ìṣirò mi fún ọdún tó parí náà, èmi sì jókòó, mo ní mi ò tíì rí kọ́bọ̀, kí ni mo fẹ́ kọ? Owó ìtanràn ló fèsì. Ó yẹ kí n ti fi ìwé náà ránṣẹ́, kí n kọ òdo síbi tí owó tó wọlé wà. Ẹni tí kò jèrè lè má san owó orí, àmọ́ ìyẹn kò yọ ọ́ nínú fífi ìwé ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe náà, tí ẹ bá ń ta ìpara àti wíìgì pẹ̀lú irun ṣíṣe, ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ wá jẹ́ ká débi owó. Àkáǹtì báńkì kan ṣoṣo ni mo ní nígbà yẹn. Owó oníbàárà ń wọ ibẹ̀, owó oúnjẹ àti owó iléèwé àwọn ọmọ ń jáde níbẹ̀, 500,000 tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yá mi náà gba ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ náà ni mo ti san án padà fún un kí ọdún tó parí. Nígbà tí ọ́fíìsì owó orí béèrè ìwé mi, mi ò ní. Wọ́n bá gba ìwé báńkì, wọ́n ro gbogbo ohun tó wọlé pọ̀, ó jẹ́ 3,500,000, wọ́n sì fojú díwọ̀n èrè mi láti ibẹ̀. Wọ́n ka owó ẹ̀gbọ́n mi mọ́ owó tí mo pa. Ẹni tí kò bá ní ìwé, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti díwọ̀n fún un, ìdíwọ̀n yẹn kì í sì í ṣojúure fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò tèmi náà kò tọ̀nà. Mo wo àkáǹtì ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, 150,000 ló kù, mo ní èrè mi nìyẹn. Ẹnì kan tó mọ ìṣirò owó dáadáa ló jókòó tì mí ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Bó ṣe rí rèé.

Owó tí mo gbà fún irun àti èékánná jẹ́ 2,400,000, èyí tí mo gbà lórí ìpara àti wíìgì jẹ́ 600,000. Ó di 3,000,000. Gbèsè tí ẹ̀gbọ́n mi yá mi kò sí níbẹ̀, torí owó ẹ̀yáwó kì í ṣe owó tí iṣẹ́ pa. Bákan náà, sísan án padà kì í ṣe ìnáwó. Tí èlé bá wà lórí ẹ̀yáwó tí ẹ fi ṣòwò, èlé yẹn nìkan lẹ máa kà sí ìnáwó.

Mo ra ọjà tó tó 900,000: rílásà, ìpara, irun, ọ̀dà èékánná. Àmọ́ nígbà tí a ka ohun tó wà lórí pẹpẹ ní ọjọ́ tí ọdún parí, ọjà 150,000 ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì lò. Ọjà 750,000 ni mo lò ní ọdún yẹn, òun nìkan la sì yọ. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 480,000, iná àti omi 180,000, owó ọmọbìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ 360,000, owó tí báńkì ń yọ lórí káàdì 30,000.

Mo tún ra dírayà alága ní 200,000. Dírayà kì í tán lọ́dún kan bíi ṣampú, nítorí náà a pín owó rẹ̀ sí ọdún márùn-ún, a yọ 40,000 fún ọdún àkọ́kọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń jẹ́ kí olówò kékeré yọ gbogbo owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sì í da irú àwọn bẹ́ẹ̀ láàmú lórí ọjà tó ṣẹ́ kù, ẹ béèrè èyí tó bá tiyín mu. Nínú ìṣirò tèmi, gbogbo ìnáwó jẹ́ 1,840,000. Yọ ọ́ kúrò nínú 3,000,000, èrè mi jẹ́ 1,160,000.

Mo pariwo. Mo ní, 1,160,000 dà? Níbo ló wà? Ó fi pẹ́ńsù tọ́ka sí i fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: 150,000 wà nínú àkáǹtì. Ọjà 150,000 wà lórí pẹpẹ. Dírayà ṣì kù ní 160,000. Mo sì ti mú 700,000 lọ sílé. Ẹ rò ó pọ̀, ó pé géérégé.

700,000 yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù lọ. Mo ti ń pè é ní owó oṣù ara mi, mo sì rò pé ìnáwó ni, bí owó oṣù ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olówò kan ṣoṣo kò lè gba ara rẹ̀ síṣẹ́. Ohun tí ẹ bá mú lọ sílé, èrè yín lẹ ń mú lọ, owó orí sì wà lórí rẹ̀ bóyá ẹ mú un lọ tàbí ẹ fi sílẹ̀. Ìpara tí ẹ bá mú nínú ọjà fi para nílé náà kì í ṣe ìnáwó òwò, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Pẹ̀lú ìṣirò yìí ni mo fi kọ̀wé tako ìdíwọ̀n tí wọ́n ṣe fún mi. Iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi takò ó máa ń wà lára ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Tí ọjọ́ bá kọjá, ó le kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí àti ojú ìwé báńkì tó fi hàn pé mo san owó rẹ̀ padà há a, wọ́n sì yọ 500,000 kúrò. Ìnáwó tí mi ò ní rìsíìtì rẹ̀, wọn ò gbà lọ́wọ́ mi, mo sì gbà pé ẹ̀bi mi ni.

Rìsíìtì yẹn gan-an, ẹ ṣọ́ ọ. Èyí tí ẹ̀rọ kékeré ń tẹ̀ jáde, ooru ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, kì í ṣe tàdáwà. Mo kó tèmi sínú àpótí tó wà nídìí dírayà. Nígbà tí mo ṣí i, àwọn kan ti dúdú látòkè délẹ̀, àwọn tí òróró irun kàn ti funfun báláú, bíi pé wọn ò kọ nǹkan kan sí i rí. Ní báyìí, kí n tó kúrò níwájú ọlọ́jà ni mo ti máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo sì ní ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí: ọjọ́, iṣẹ́ tí mo ṣe, iye rẹ̀, bóyá owó ọwọ́ ni tàbí ti báńkì. Oníbàárà kò ní tíì dìde lórí àga tí mo ti máa kọ ọ́. Tí ẹ bá ní ẹ máa kọ ọ́ lálẹ́, owó ọwọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbàgbé.

Ẹ ṣí àkáǹtì kejì fún ṣọ́ọ̀bù nìkan, kẹ́ ẹ sì máa ya owó orí sọ́tọ̀ bí owó ṣe ń wọlé. Ká fi ọdún tèmi ṣe àpẹẹrẹ: tí owó orí bá jẹ́ 15 nínú 100 lórí gbogbo èrè, 174,000 ni yóò jẹ́. Tí ẹ bá pín in sórí 3,000,000 tó wọlé, kò tó 6 nínú 100. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín rọ́pò 15 yẹn, ẹ óò rí iye tó yẹ kẹ́ ẹ máa yà sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Owó orí ọjà yàtọ̀ sí èyí ní tiẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á. Òun kì í wo èrè rárá. Gbogbo owó tó wọlé ló ń wò, tó bá sì kọjá iye tí ìjọba dá, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un, kódà ká ní ẹ pàdánù lọ́dún yẹn. Títí dìgbà náà, ẹ má fi kún iye tí oníbàárà ń san.

Tí ẹ bá sì fẹ́ yá ẹlòmíì ní àga nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ní oníbàárà tirẹ̀, ó ń dá iye tirẹ̀, owó àga nìkan ló sì ń san fún yín, owó àga yẹn nìkan ni owó tó wọlé fún yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sọ aago tó máa dé àti iye tó máa gbà, ọ́fíìsì owó orí lè sọ pé òṣìṣẹ́ yín ni, ohunkóhun tí ẹ ì báà pè é nínú àdéhùn, wọn yóò sì bi yín léèrè owó orí tó yẹ kẹ́ ẹ ti máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀.