Ẹ̀yìn tó ń ta dé ẹsẹ̀: ẹ́síréè àbí MRI?

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, ó ń ta lọ sí ẹsẹ̀ òsì, ó ti tó ọ̀sẹ̀ 2. Ṣé kí n ya ẹ́síréè ni àbí MRI?"

Tẹ́ ò bá ṣubú, tí ẹsẹ̀ ò sì rọ, ẹ lè má tíì nílò ìkankan. Dísìkì àárín egungun ẹ̀yìn tó yọ síta, tó wá ń tẹ náàfù ẹsẹ̀, ló sábà máa ń fa irú ìrora yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Egungun ni ẹ́síréè ń fi hàn, kì í fi dísìkì tàbí náàfù hàn, torí náà wọ́n lè ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ ṣì máa ta yín, tẹ́ ẹ bá ṣubú ló wúlò, ká lè mọ̀ bóyá egungun sán. Ọ́tírásáùn ní tiẹ̀, ìró ẹ̀ ò lè gba inú egungun kọjá.

MRI ló ń fi dísìkì àti náàfù hàn dáadáa, òun ni wọ́n máa ṣe tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 6 tí ò dínkù, tàbí tí dókítà bá ń ro iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú ọkàn tí ò bá MRI mu, CT, ìyẹn ẹ́síréè tí kọ̀ǹpútà fi ń to àwòrán inú ara jọ, ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Àmọ́ o, ẹni tí nǹkan kan ò dùn pàápàá lè ní dísìkì tó yọ, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó bóyá ibi tí MRI tọ́ka sí bá ẹsẹ̀ tó ń dùn yín mu.

Tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí ò jáde, tàbí tí ojú ara àti ìdí bá kú tipiri, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún MRI pàjáwìrì.