Sùkútà tí ìdílé jọ ń gùn: ẹ má wọ́n ọ́ìlì sí bẹ́líìtì o

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń gun sùkútà kan. Lóòjọ́ èmi ń rin bíi kìlómítà 12, ìyàwó mi 10, àbúrò mi 8. Wọ́n ní torí pé kò ní ṣéènì, ká ṣáà ti máa yí ọ́ìlì ẹ̀. Ó ti wá ń han gooro báyìí tó bá fẹ́ gbéra, ẹnì kan ní ká wọ́n ọ́ìlì díẹ̀ sí bẹ́líìtì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ ká máa yẹ̀ wò lọ́sẹ̀, lóṣù àti lọ́dún?

Ìdáhùn: Ẹ má wọ́n nǹkan kan sí bẹ́líìtì yẹn o! Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò kìlómítà yín ná, torí kàlẹ́ńdà nìkan ò lè tọ́jú sùkútà tí èèyàn mẹ́ta ń gùn. 12, 10 àti 8 jẹ́ 30 lóòjọ́. Tí ẹ bá ń gùn ún ní ọjọ́ 26 lóṣù, 780 nìyẹn, ọdún kan á sì lé ní 9,000. Kálukú yín ń ro tiẹ̀ nìkan, "ṣebí mi ò rìn jìnnà", ṣùgbọ́n àpapọ̀ ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń rù. Tí ìwé tó bá a wá bá ní kẹ́ ẹ yí ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 3,000, oṣù mẹ́rin ò ní pé tí tiyín á fi dé bẹ̀. Ẹni tó ń dá rin 12 á lò tó oṣù mẹ́sàn-án kó tó débẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín gba iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí, kó máa kọ nọ́ńbà tó wà lójú míítà sínú ìwé kékeré kan, torí ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún "gbogbo wa", kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Ètò náà rèé. Tí ìwé sùkútà yín bá sọ nǹkan míì, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, mi ò rí tiyín lójú.

Lọ́sẹ̀
- Afẹ́fẹ́ táyà, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gùn ún. Iye ẹ̀ wà lára àlẹ̀mọ́ tó wà lára sùkútà tàbí nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ẹlòmíì sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju tẹni kan lọ.
- Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi sítáǹdì àárín gbé e dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú bíi 3, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kí ọ́ìlì tó wà lókè ro wálẹ̀. Ẹ yọ géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà. Lára ọ̀pọ̀ sùkútà, ẹ ò ní yí i wọlé tẹ́ ẹ bá ń wọn ọ́ìlì, ẹ kàn máa gbé e lé e ni. Tẹ́ ẹ bá yí i wọlé á parọ́ fún yín pé ọ́ìlì ṣì pọ̀.
- Bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo iná, hóònù.

Lóṣù
- Ojú táyà: ìṣó, ibi tó ti sán, ibi tó ti jẹ tán.
- Bí bíréèkì ṣe nípọn tó kù, àti omi bíréèkì tó bá jẹ́ èyí tó ń lo omi.
- Orí bátìrì, bóyá ó ti ń hu nǹkan funfun tàbí ó ti tú.
- Nọ́ńbà míítà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá àsìkò ọ́ìlì ti tó.

Lọ́dún, tàbí tí kìlómítà bá kọ́kọ́ pé
- Jíà ọ́ìlì. Ó yàtọ̀ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o, inú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ló wà, kì í sábà ju ìdajì ife lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń gbàgbé ẹ̀.
- Fìlítà afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n fi ọ́ìlì sí lára láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi kọ́mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ni.
- Kí wọ́n ṣí ilé bẹ́líìtì.
- Omi bíréèkì, ní ọdún méjì méjì.

Ó yá, bẹ́líìtì. Ẹni tó ní torí kò ní ṣéènì kò sí iṣẹ́ lẹ́yìn, ó ṣì yín lọ́nà. Iṣẹ́ ṣéènì àti ti jíà pọ̀ lọ́rùn bẹ́líìtì yẹn ni. Púlì méjì ló wà, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì níwájú, ìkejì lọ́wọ́ táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára, àwọn rólà inú púlì iwájú á máa sún síta, wọ́n á ti ojú púlì mọ́ra, bẹ́líìtì á sì gun òkè. Bó ṣe ń pààrọ̀ jíà fúnra ẹ̀ nìyẹn. Gbígbá tí bẹ́líìtì gbá ojú púlì mú ló ń gbé yín lọ, kò sí eyín kankan níbẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ẹ wá wọ́n ọ́ìlì síbẹ̀, á máa yọ̀, bó ṣe ń yọ̀ ló ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń dán bíi gíláàsì, kò sì ní lè di nǹkan kan mú mọ́. Ariwo yẹn lè dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn làwọn oníjìbìtì fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Nínú púlì ẹ̀yìn, àwọn píìnì kékeré kan wà tó máa ń gba gírísì díẹ̀, gírísì pàtó, inú ibi tí róbà dí ni. Ọmọ iṣẹ́ kan rí i tí ọ̀gá ń fi gírísì síbẹ̀, ó wá lọ ń fi sí ibi gbogbo.

Ariwo tiyín tó jẹ́ ìgbà tó bá fẹ́ gbéra nìkan ló ń dún, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bàtà kílọ́ọ̀ṣì ló ń fara ha inú abọ́ irin ẹ̀, tí eruku bá pọ̀ níbẹ̀ tàbí tójú ẹ̀ bá ti dán jù, á máa han. Kí mẹkáníìkì ṣí i, kó nu abọ́ yẹn, kó fi sáńdípépà ra ojú bàtà náà díẹ̀ bí wọ́n bá ṣì nípọn. Kó má fẹnu fẹ́ eruku yẹn o, kó bo imú ẹ̀.

Bẹ́líìtì tó ti ń kú ní àmì tiẹ̀: ẹ fún un níná, ẹ́ńjìnnì pariwo, eré ò gòkè, tàbí eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ dín kù torí bẹ́líìtì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè gun òkè púlì mọ́, tàbí ẹ gbọ́ òórùn róbà tó ń jó. Tí wọ́n bá ṣí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kí wọ́n wo àárín eyín ẹ̀ bóyá ó ti sán, kí wọ́n sì wọn fífẹ̀ ẹ̀ bá iye tó wà nínú ìwé. Ẹ má dúró dìgbà tó máa já. Tó bá já lórí eré, ẹ́ńjìnnì á kàn máa hó lásán, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ àjákù ẹ̀ lè há mọ́ inú ibẹ̀ kó di táyà ẹ̀yìn mú.

Tí wọ́n bá ti wọ́n ọ́ìlì sí tiyín kẹ́ ẹ tó ka èyí, ẹ má nù ún kẹ́ ẹ máa gùn ún lọ. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn, kí wọ́n fi omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì fọ púlì méjèèjì gbẹ. Tí bàtà kílọ́ọ̀ṣì bá ti mu ọ́ìlì, òun náà ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì bá ọ́ìlì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀, róbà tó ń dí ọ́ìlì lẹ́nu ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tàbí ti jíà ló ń jò, ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé kí ọfà ara bẹ́líìtì tuntun kọjú síbi tó ń yí sí, kó sì rí i pé bẹ́líìtì ò há sáàárín ojú púlì iwájú nígbà tó bá ń fún nọ́ọ̀tì ẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó fún mọ́ bẹ́líìtì báyẹn máa tú tẹ́ ẹ bá ti gùn ún díẹ̀, á sì jẹ eyín orí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì.