Ṣé kí n pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́?

"Mo kọ́pì fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi sí fláàṣì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, sáìsì ẹ̀ bá ti orí láàpútọ́ọ̀pù mu, ṣé mo lè pa ti láàpútọ́ọ̀pù rẹ́?"

Ẹ má tíì pa á rẹ́ o. Sáìsì kàn ń sọ iye báìtì tó wà ńbẹ̀ ni, kò sọ bóyá wọ́n ti yí padà, ṣẹ́kìsọ́ọ̀mù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò látinú gbogbo báìtì inú fáìlì, ló máa sọ ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ fláàṣì náà dáadáa kẹ́ ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, torí tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà lè lọ máa ka èyí tó ṣì wà nínú mẹ́mórì ẹ̀, á wá dà bíi pé kò síṣòro (ohun tó kó bá èmi náà nìyẹn lọ́jọ́ kan). Tó bá jẹ́ Windows, ẹ ṣí cmd, ká ní fídíò orí láàpútọ́ọ̀pù wà ní D:, tí fláàṣì sì wà ní E:

```
certutil -hashfile D:\igbeyawo.mp4 SHA256
certutil -hashfile E:\igbeyawo.mp4 SHA256
```

Ìkọ̀ọ̀kan á gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 jáde. Tí báìtì kan ṣoṣo bá yí, gbogbo ẹ̀ ló máa dàrú, ẹ óò rí i kíá. Tí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ tún un kọ́pì. Àmọ́ tí fídíò orí láàpútọ́ọ̀pù bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì máa bára mu, torí náà ẹ ṣí i wò dé ìparí.