Bí a ṣe ń kọ̀ fún àgbà nínú ìwé, àti bí a ṣe ń kọ̀ fún ẹgbẹ́ ẹni

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò bàbá mi, àwọn ni olórí ẹbí wa ní Oǹdó, kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù pé kí n wá ṣe akápò ìpàdé ẹbí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jáde ilé-ìwé ní kí n ṣe akápò ẹgbẹ́ wa. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo sì máa ń wà níbi iṣẹ́ ní Sátidé. Mi ò lè ṣe méjèèjì. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà?”

Ìwé méjì ni kí o kọ o, má fi ọ̀kan ṣe méjèèjì. Jẹ́ ká mú ti Bàbá ṣáájú, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń kọ nìyí: “Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe akápò torí mi ò ráyè. Ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ ṣé sà.” Kò sí “o” kankan níbẹ̀, “yín” wà ní ipò rẹ̀, “sà” sì wà lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ Bàbá á bínú, kò sì ní jayò pa. “Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀” jọ ohun tí ọ̀gá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́. “Ẹ wá ẹlòmíràn” jẹ́ àṣẹ, “ẹ” tó ṣáájú rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀. Kíkọ̀ ṣáájú ìdí, ìdí náà kò sì kún ẹnu. Ó wá parí sí “ẹ ṣé” bí ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù.

Ètò ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń fi ọ̀wọ̀ hàn, kó tó kan “ẹ” àti “yín”. Nínú ìwé sí àgbà, ìkíni ló ń ṣáájú, kí o sì béèrè ará ilé. Lẹ́yìn náà ni kí o jẹ́ kí wọ́n rí i pé o mọ iyì ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ìdí á wá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìdí ni kíkọ̀ fúnra rẹ̀ ń wá, lẹ́ẹ̀kan péré, kedere. Kí ohun tí o lè ṣe dípò rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí o wá fi àdúrà parí. Ìdí tí ìdí fi ń ṣáájú ni pé bí àgbà bá ti kọ́kọ́ ka “mi ò lè”, kò ní ka ìyókù pẹ̀lú sùúrù mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ka ìdí náà tó sì rí i pé ó bọ́gbọ́n mu, ó ti ń bá ọ kọ̀ ọ́ nínú ara rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Èyí ni bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí Bàbá:

“Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín dá ṣáṣá? Ìyá ńkọ́, gbogbo ará ilé ńkọ́?

Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi lórí ọ̀rọ̀ akápò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ pé èmi ni ẹ rò kàn nínú gbogbo àwa ọmọ yín, kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi.

Bàbá mi, ọjọ́ Sátidé tí ìpàdé ń bọ́ sí gan-an ni wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Owó ẹbí kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó sí ìlú mìíràn gbà. Ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá a, kó sì lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá béèrè. Nítorí náà, kò ní ṣeé ṣe fún mi láti gba ipò akápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Bí ẹni tí ẹ bá yàn bá fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a wo ìwé owó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo lè ṣe ìyẹn láti ibí. Ọwọ́ yín ló wà.

Ìyá mi ní kí n kí yín, wọ́n ní àwọn náà ń gbàdúrà fún yín. Ẹ óò pẹ́ fún wa. Èmi ni ọmọ yín.” Kí orúkọ rẹ wá tẹ̀ lé e. Bí obìnrin ni ọ́, “mo kúnlẹ̀” ni kí o kọ dípò “mo dọ̀bálẹ̀”.

Wo gbólóhùn “kò ní ṣeé ṣe fún mi” dáadáa. Kò sọ pé o kọ̀, kò sì sọ pé o kò fẹ́. Ọ̀ràn ayé ni ó dí ọ lọ́wọ́, inú rẹ kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa kà á tí yóò rò pé o gbà. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà sí òdìkejì: wọ́n á bẹ̀rù àgbà débi pé ìwé wọn kò ní kọ̀ mọ́. “Màá gbìyànjú” túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni lójú olórí ẹbí. “Ó máa ṣòro díẹ̀” túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbà ọ́ níyànjú. “Kò tíì ṣeé ṣe” túmọ̀ sí pé kí wọ́n dúró. “Kò ní ṣeé ṣe lọ́dún yìí” ti fi ipò náà pamọ́ dè ọ́ dọdún tó ń bọ̀, nítorí náà má kọ “lọ́dún yìí” àyàfi bí o bá fẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ka orúkọ rẹ níwájú ìpàdé gẹ́gẹ́ bí akápò tuntun, tí o wá ní o kò gbà, ìtìjú ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ti ìwé tó kọ̀ kedere lọ, Bàbá ni yóò sì kàn jù.

“Ọwọ́ yín ló wà” náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. O ti gba ìpinnu kan lọ́wọ́ wọn, o wá dá òmíràn padà fún wọn.

Ó wá kan “ẹ” fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀wọ̀ ni: “ẹ rán mi”. Bí ó bá wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí lẹ́yìn “lọ́wọ́”, ẹgbẹ́ rẹ ni ò ń bá sọ̀rọ̀: “mo kí ẹ”, “mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ”. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ “mo dupe lowo e sa” sórí fóònù láìfi àmì sí i, tí wọ́n rò pé “sa” ti bo àṣìṣe náà. Kò bò ó. “Mo kí yín”, “lọ́wọ́ yín”, “ilé yín” ni. Bí o bá sì dárúkọ àgbà mìíràn nínú ìwé náà, “wọ́n” ni, bí mo ṣe kọ ọ́ nípa ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá ń sọ nípa ìyàwó rẹ tàbí ọmọ rẹ fún Bàbá, “ó” ni kí o lò. A kì í bọ̀wọ̀ fún ara ilé ẹni tó kéré níwájú àgbà.

Ẹni tó bá dàgbà sínú èdè Oǹdó gan-an ní láti ṣọ́ra sí i. Ẹ̀ka èdè Oǹdó, bí ti Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, kì í fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan bí a ṣe ń ṣe é ní ìhà Ọ̀yọ́. Ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé bẹ́ẹ̀ kó má sì sí àrífín níbẹ̀ rárá. Bí ó bá wá ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò, “o” lè yọ́ wọlé láàárín ìwé, pàápàá nínú gbólóhùn gígùn bíi “bí o bá ti rí i”. Bàbá kan náà tí kò ka irú rẹ̀ sí lẹ́nu yóò kà á sí nínú ìwé, nítorí Yorùbá ilé-ìwé àti ti Bíbélì ni òun náà fi ń kàwé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n lè ka ìwé rẹ sétígbọ̀ọ́ àwọn àgbà mìíràn ní ìpàdé. Nítorí náà, kí o tó fi ránṣẹ́, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan fún “o”, “rẹ” àti “ẹ” ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, má wo ohun mìíràn nígbà náà.

“Sà” kò pọn dandan bí “Bàbá mi” bá ti wà níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹ, fi ọ̀kan sí ìkíni, ọ̀kan sí ibi kíkọ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn, ó ń jọ ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ̀rù ń bà. Bí Bàbá bá jẹ oyè, oyè náà ni kí o fi pè wọ́n, má kọ orúkọ ìbí wọn rárá. Òwe ńkọ́? Fi í sílẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu, “tótó, ó ṣe bí òwe” ní láti bá a rìn, òwe náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ń bá àgbà wí.

Má fi ìwé náà sí ojú-ewé Wáàsáàpù gbogbo ẹbí, kódà bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti dárúkọ rẹ. Nọ́ńbà wọn nìkan ni kó lọ. Kíkọ̀ fún àgbà lójú àwọn ọmọ rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ kò gba àkókò: “Ọ̀rẹ́, báwo ni? Mo rí ohun tí o kọ. Mi ò ní lè ṣe akápò yẹn o, ibi iṣẹ́ ni mo máa ń wà ní Sátidé. Tètè wá ẹlòmíràn, má dúró dè mí. Owó ẹgbẹ́ tèmi á máa wọlé lásìkò lóṣooṣù, má bínú.” Ó tán. Ohun tó jẹ́ àrífín sí Bàbá, “wá ẹlòmíràn”, ni ìrànlọ́wọ́ fún un níhìn-ín, torí ó fẹ́ mọ̀ kíákíá kó lè tẹ̀ síwájú. Bí o bá fi ti Bàbá ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú “ẹ forí jì mí” àti “ẹ óò pẹ́ fún wa”, yóò pè ọ́ béèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ ọ́. Láàárín ẹgbẹ́, “ẹ” òjijì ń jọ ẹ̀fẹ̀ tàbí ìbínú. Àlàyé gígùn náà ń mú un fura pé irọ́ ni. Ibi tí mo ti yọ̀ǹda “ẹ” fún ẹgbẹ́ ni bó bá di àna rẹ, tàbí bó bá joyè tí ìwé náà yóò sì dé iwájú àwọn ẹlòmíràn.

Bí Bàbá bá tún kọ̀wé pé kí o gbà á, má mú ìdí tuntun wá. Ìdí kejì máa ń sọ èkíní di àwáwí. Tún ti àkọ́kọ́ sọ ní gbólóhùn méjì, kí o sì wá ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí ìyá rẹ, kó bá ọ bẹ̀ wọ́n. Wo èsì wọn náà. “Kò burú, Ọlọ́run á pèsè ẹlòmíràn” túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. “A ti gbọ́” nìkan, láìsí àdúrà lẹ́yìn rẹ̀, túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́ ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n. Bí irú rẹ̀ bá dé, má fèsì sí i lórí Wáàsáàpù mọ́. Pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ kí Sátidé ìpàdé tó dé.