Òjò ṣú, ilẹ̀ ṣú

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀kan náà ni "òjò ṣú" àti "ilẹ̀ ṣú"? Mo ń kọ ìran fíìmù kan tí kámẹ́rà ò ní kúrò lójú kan, tí ojú ọjọ́ á sì yí padà níbẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ṣáà ti kọ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Ẹni yẹn ò gbójú sókè rí. Ó máa ń bí mi nínú tí wọ́n bá ní "ṣú" ò ju kí nǹkan dúdú lọ. Òkùnkùn méjèèjì kì í gba ọ̀nà kan náà wọlé, òjìji ló sì ń tú àṣírí wọn.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, oòrùn ń wọ̀ ni. Òjìji á máa gùn sí i, ìmọ́lẹ̀ á sì pọ́n kó tó lọ. Bí òjò bá ń ṣú, òjìji kì í gùn. Etí rẹ̀ ló ń rọ̀, á máa ṣá, títí a ò fi ní rí i mọ́ níbi tó wà gan-an, torí oòrùn ò kúrò lójú kan, àwọsánmà ló bò ó. Ẹ wá kọ pé òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, kí òjìji ọkùnrin kan sì ṣì hàn gedegbe nílẹ̀? Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀sán ni, aṣọ wà lórí okùn. Òjìji okùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí aṣọ dákẹ́ díẹ̀, kí ewé má mì. Ìgbà náà ni kí atẹ́gùn tútù dé lójijì láti ìhà tí àwọsánmà wà: aṣọ á fẹ́ sí òdìkejì, ewé á yí ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ò dúdú tó ti ojú síta, eruku á dìde. Òjò tó ti ń rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló mú afẹ́fẹ́ tutù, tó já a lulẹ̀, tí afẹ́fẹ́ náà wá ń tàn kálẹ̀ ṣáájú òjò. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀kán ńláńlá á máa kán sórí eruku, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ sì lè dúró kí ó tó kán. Òwe tó ní ká má torí òjò tó ṣú da omi àmù nù mọ̀ pé ṣíṣú kì í ṣe rírọ̀. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ làwọn ọmọ òde òní ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀, ta ni yóò wá kíyè sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn?

Ti ilẹ̀ tó ń ṣú kò le, àfi pé ó ń pẹ́. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú àáyá 5-5 fún wákàtí 1, ẹ ó ní àwòrán 720. Tí 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìran náà á jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30.

Nínú méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà máa fúnra rẹ̀ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe. Bí òjò ṣe ń ṣú lòun náà á máa mú àwòrán mọ́lẹ̀, aṣọ á sì funfun bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.