Lẹ́tà àtúntò ilé-iṣẹ́: "yín" ló kó mi sí wàhálà

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá wa kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn fẹ́ tún ilé-iṣẹ́ tò, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ìwọ̀sí, tí kò sì ní rú ẹnikẹ́ni lójú?"

Ojú mi ti rí nǹkan lórí irú lẹ́tà yìí. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ túmọ̀, ipò iṣẹ́ 12 ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò, òṣìṣẹ́ sì tó 80. Mo kọ ọ́ pé: "A ó dá iṣẹ́ yín dúró ní ìparí oṣù tó ń bọ̀." Èmi rò pé mo ti bọ̀wọ̀ fún wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti gbà pé iṣẹ́ ti bọ́, àwọn kan sì ń bèèrè ìgbà tí a máa pè wọ́n padà.

Ẹ rí i, "yín" tí à ń lò fún àgbà kan ṣoṣo náà là ń lò fún ogunlọ́gọ̀. Nínú lẹ́tà tí gbogbo èèyàn máa kà, kálukú á ní òun ni. Ní báyìí, ibi ìkíni àti ìdúpẹ́ ni mo máa ń fi "yín" sí. Tó bá kan àdánù, mo máa ń dárúkọ ipò iṣẹ́ gan-an.

"Dá dúró" náà kò mọ́ sí ibì kan: ó lè jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó lè jẹ́ pátápátá. "Gbaṣẹ́ lọ́wọ́" sì ń dún bíi pé èèyàn ṣẹ̀. Ohun tí mo padà kọ nìyí: "Láti ìparí oṣù tó ń bọ̀, ipò iṣẹ́ 12 tí a kọ sísàlẹ̀ yìí kò ní sí mọ́." Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sí nínú lẹ́tà ọ̀gá. Mo bi í kí n tó kọ ọ́.

Ẹ tún bi í bóyá ọ̀rọ̀ ti parí. "À ń gbèrò" yàtọ̀ sí "a ti pinnu", pàápàá níbi tí òfin ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má sì kọ "wọ́n ti pinnu". Ọ̀gá tó fọwọ́ sí lẹ́tà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí àlejò.

Mo fi "ẹ kú ìrọ́jú" parí tèmi. Ìyá kan bèèrè ẹni tó kú.

Kí lẹ́tà kejì tó jáde, mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo yọ orúkọ ilé-iṣẹ́, mo fún ẹnìkan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí kò sì rí ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í pé: ta ló kàn, ìgbà wo, kí ni wọ́n máa ṣe báyìí? Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́ kíá. Ìkẹta, ó ní òun ò rí i. Mo padà wo ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sí níbẹ̀ náà. Ọ̀gá ló wá fi ọjọ́ ìpàdé àti ẹni tí wọ́n máa rí kún un.