Dáyódù kò gbọdọ̀ jókòó sórí ọ̀pá iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Adúínò Uno àti bọ́ọ̀dù rìléè tó ní rìléè méjì ṣe iná iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Òkè-Fìà, kó lè máa tàn fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọ̀pá iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní ṣóòkù ni. Ó ń tàn dáadáa, àmọ́ tó bá fẹ́ kú báyìí, Adúínò á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra dáyódù 1N4007, kí n so ó mọ́ wáyà méjèèjì tó wọ inú ọ̀pá iná. Ṣé kí n ṣe é? Ṣé bọ́ọ̀dù yìí sì lè dáàbò bo èmi àti Adúínò lọ́wọ́ iná?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má so ó. Apá kan ṣoṣo ni dáyódù ń jẹ́ kí iná gbà kọjá. Iná tó wọ ilé wa, fóltì 230, ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tó bá kọjú sí apá tí dáyódù ṣí sí, kò tún ní ya ọ̀dọ̀ ọ̀pá iná mọ́, inú dáyódù ni yóò gbà láti láìfù bọ́ sí niútírà tààrà. Sọ́ọ̀tì gan-an nìyẹn. Bí fíúsì kò bá tètè já, dáyódù á bẹ́, ojú rìléè, irin méjì tó ń pàdé kí iná lè kọjá, á sì lẹ̀ pọ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dáyódù. Kọ́ìlì wà nínú rìléè, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ irin. Bí o bá já iná kúrò lára kọ́ìlì lójijì, iná tó ti ń ṣàn nínú rẹ̀ kò fẹ́ dúró. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń fa okùn, tí ọ̀kan jù ú sílẹ̀: ẹnìkejì á ta gìrì sẹ́yìn. Ìtapadà yẹn lè di ọ̀pọ̀ ìlọ́po fóltì 5 tí o fún kọ́ìlì, ó sì lè pa tiransísítọ̀ tó ń tan kọ́ìlì náà. Dáyódù tí a bá gbé lé orí kọ́ìlì, tí ìlà ara rẹ̀ kọjú sí pọ́sítíìfù, á fún iná náà ní ọ̀nà láti yí ká títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é ṣe níbẹ̀ nítorí pé iná inú kọ́ìlì kì í yí apá padà. Lórí bọ́ọ̀dù tí o rà, wọ́n ti fi dáyódù náà síbẹ̀. Wo ìdí rìléè dúdú tàbí búlúù yẹn, wàá rí i, kékeré ni. Rìléè lásán, tí kò sí lórí bọ́ọ̀dù, ni ìwọ fúnra rẹ máa ń fi dáyódù sí.

Kọ́ìlì rìléè fóltì 5 tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí óòmù 70, ìyẹn ni pé ó ń jẹ nǹkan bí mílíámpù 71. Ẹsẹ̀ Uno kò yẹ kó gbé ju mílíámpù 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí tiransísítọ̀ fi wà láàárín wọn, má sì so ẹsẹ̀ Adúínò mọ́ kọ́ìlì tààrà láé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo wàhálà tìrẹ. Ṣóòkù inú ọ̀pá iná náà kọ́ìlì ni, ó sì tóbi ju ti rìléè lọ fíìfíì. Òun náà ń ta padà. Nígbà tí ojú rìléè bá ń yà, ìtapadà á fò kọjá àlàfo náà, á ta ìpẹ́pẹ́ iná. Mo ṣí rìléè kan báyìí rí lórí tábìlì mi ní Ìgbónà, ojú méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀kan sì ti lu kòtò. Ìpẹ́pẹ́ iná yẹn ń tú ariwo iná, kì í ṣe èyí tí etí ń gbọ́, sí afẹ́fẹ́ àti sínú wáyà tó bá wà nítòsí rẹ̀. Bí wáyà IN rẹ, èyí tó ń gbé àṣẹ Adúínò lọ sí bọ́ọ̀dù, bá rìn pọ̀ mọ́ wáyà láìfù, ariwo náà á wọ Adúínò, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ má tíì gbà mí gbọ́. Dán an wò. Pa iná láti mítà, yọ wáyà ọ̀pá iná kúrò lẹ́nu COM àti NO, ibi tí wáyà ti wọ ojú rìléè, fi téèpù wé ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan dáadáa kí o tó tan iná padà fún Adúínò, kí o wá fi èyí nìkan sínú `loop()`:

```
digitalWrite(7, LOW);
delay(2000);
digitalWrite(7, HIGH);
delay(2000);
```

Yí 7 padà sí ẹsẹ̀ tí ìwọ lò. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù irú èyí, LOW ló ń tan rìléè. Jẹ́ kó ta kẹ́kẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí Adúínò bá ṣì ń tún bẹ̀rẹ̀ láìsí ọ̀pá iná, ṣájà rẹ kò lágbára tó, tàbí wáyà GND rẹ kò fi ara mọ́ra. Bí kò bá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ rárá, ṣóòkù ló jẹ̀bi, bó sì ṣe rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn, nítorí pé ìgbà tí iná bá ń kú nìkan lo ní ó ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí yóò gba ìtapadà ṣóòkù náà ni risísítọ̀ óòmù 100, ti wáàtì kan, tí o so tẹ̀léra pẹ̀lú kapásítọ̀ 0.1 µF tí wọ́n kọ X2 àti 275V~ sí lára. Bí kò bá sí X2 lára rẹ̀, fi sílẹ̀ fún olùtà, torí kapásítọ̀ lásán lè sọ́ọ̀tì kó sì gbiná. Àwọn kan ń so méjèèjì yìí mọ́ orí COM àti NO. Èmi máa ń so ó mọ́ ẹnu wáyà méjèèjì tó wọ ọ̀pá iná, kí ṣóòkù lè rí ibi tú agbára rẹ̀ sí. Bí o bá so ó mọ́ ojú rìléè, nǹkan bí mílíámpù 7 á máa gbà á kọjá nígbà tí iná bá kú. Lọ́jọ́ tí o bá fi gílóòbù LED pààrọ̀ ọ̀pá iná, á máa ṣẹ́jú wúruwùru lóru.

Ní ti ààbò, ohun méjì ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ohun tó ya fóltì 230 sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ ni àlàfo inú rìléè fúnra rẹ̀, láàárín kọ́ìlì àti ojú rìléè, àti àyè tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Ọ́putokọ́pùlà, nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ Adúínò lọ sọ́dọ̀ kọ́ìlì, kí ariwo kọ́ìlì má baà padà wá. Ṣùgbọ́n bí ìdè kékeré tó so JD-VCC, ẹnu tí iná kọ́ìlì ń gbà wọlé, mọ́ VCC bá ṣì wà níbẹ̀, Adúínò àti kọ́ìlì ń jẹ nínú àwo kan náà, ìyàsọ́tọ̀ yẹn kò sí mọ́. Yọ ìdè náà. Wá ṣájà fóltì 5 mìíràn, so pọ́sítíìfù rẹ̀ mọ́ JD-VCC, nẹ́gítíìfù mọ́ GND tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Adúínò, fóltì 5 lọ sí VCC, ẹsẹ̀ rẹ lọ sí IN, GND Adúínò kò lọ síbì kankan.

Láìfù ni kó gba inú rìléè, COM sí NO. Niútírà á lọ sọ́dọ̀ ọ̀pá iná tààrà. Bí o bá já niútírà dípò rẹ̀, ọ̀pá á kú, àmọ́ iná á ṣì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà ń gbé fóltì 230 níbi tí wọ́n ti jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ẹnu COM, nítorí náà inú àpótí onírọ́bà ni kó wà, kí wáyà láìfù gba apá kan wọlé, kí wáyà IN gba apá kejì.

Kí o tó tan án, tí iná ṣì wà ní pípa, fi mítà ọwọ́ rẹ wọn láti COM sí VCC, sí IN, àti sí GND. Kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Bí ó bá ka óòmù kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ òdo, má tan án rárá, wá bọ́ọ̀dù mìíràn.